Kápúsù Kì í Fa Ọyún Jáde

Ní ìsinmi tó kọjá, mo wálé sí Abẹ́òkúta láti Ìbàdàn, níbi tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú eyín. Mi ò tíì gbé báàgì kalẹ̀ tán tí àǹtí mi fi ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá wo àbúrò mi, ọmọ wọn obìnrin tó ń kàwé ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ọ̀nà Alábàtà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ wú bí ẹni pé ó tọ́jú àgbálùmọ̀ kan síbẹ̀. Kò lè fi eyín kan eyín. Lórí tábìlì, Ampikilọ́ọ̀sì páálí kan wà níbẹ̀, Fílájìlì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi gbígbóná oníyọ̀ sì wà nínú ife.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ bá mi wò ó bóyá kápúsù yìí lágbára tó. Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé."

Ẹ̀ẹ̀kẹrin! Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n jókòó láti kọ nǹkan yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni eyín kan ṣoṣo ti wú láàárín oṣù mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ti lọ sí ilé ìtajà oògùn, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wíwú náà sì lọ tó tún padà wá. Kò sí ẹni tó bi í rí ìdí tí àìsàn tí oògùn ti "wò sàn" fi ń mọ ọ̀nà ilé padà bẹ́ẹ̀. Èrò tèmi, tí màá fẹ́ kí ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi gbé yẹ̀ wò, ni pé púpọ̀ nínú oògùn apakòkòrò tí a ń gbé mì nítorí eyín ní ìlú yìí, iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ la fi ń rán an. Eéwo ni eyín tó wú. Ọ̀nà àbájáde ni eéwo ń wá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó wà nínú eyín, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Eyín kì í ṣe òkúta. Ní àárín rẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹran rírọ̀ kan wà tí iṣan ìmọ̀lára àti iṣan ẹ̀jẹ̀ kún inú rẹ̀, tó gba inú ihò tóóró kọjá nínú gbòǹgbò eyín títí dé ìsàlẹ̀ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nígbà tí eyín bá ń jẹrà láti òkè, tí ihò náà bá dé ibi ẹran yẹn, omi tútù á máa dunni wọra, tó bá yá, eyín á máa dun ènìyàn lóru láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ẹran náà ń wú nígbà yẹn, ṣùgbọ́n inú ihò líle ló wà, kò ráyè wú sí. Ìdí nìyẹn tí ìrora rẹ̀ fi burú tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kan, ìrora náà á dákẹ́. Nígbà tí mo bi àbúrò mi léèrè, ó ní bó ṣe rí gan-an nìyẹn: ó dun òun fún bí ọ̀sẹ̀ méjì nígbà ìdánwò, ó sì lọ fúnra rẹ̀, òun tilẹ̀ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọpẹ́ yẹn yá jù. Ẹran inú eyín ló kú. Òkú kì í mọ ìrora. Ṣùgbọ́n òkú ẹran nínú ihò ṣókùnkùn, tí kòkòrò àìfojúrí ń wọlé tọ̀ ọ́ láti ẹnu lójoojúmọ́, oúnjẹ ló di fún wọn. Wọ́n á máa pọ̀ sí i níbẹ̀, wọ́n á sì gba ìdí gbòǹgbò jáde sínú egungun. Ibẹ̀ ni ara ti máa gbógun tì wọ́n, ìyókù ogun yẹn ló sì ń di ọyún. Ọyún náà á wá ọ̀nà. Bó bá dá egungun lu, tó yọ sábẹ́ èrìgì, ẹnu á wú.

Ẹ wá wo ibi tí kápúsù wà nínú ìtàn yìí. Oògùn apakòkòrò tí a gbé mì, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà rìn. Ẹ̀jẹ̀ ni ọkọ̀ rẹ̀. Nínú eyín tó ti kú, kò sí iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan mọ́, títì ni ọ̀nà náà wà. Àárín ọyún pàápàá, ẹ̀jẹ̀ kì í dé ibẹ̀. Nítorí náà oògùn á dé àyíká, á pa àwọn kòkòrò tó ti yọ sínú ẹran ara tó wà láàyè, wíwú á dín kù, àbúrò mi á sì sọ pé ara òun ti yá. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà nínú gbòǹgbò eyín jókòó jẹ́ẹ́ sílé wọn. Bí oògùn bá ti tán lára, wọ́n á tún jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe rí ní ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó kàn jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ tó wà láàárín wọn ń dín kù ni.

Kí n tó gbé e lọ síbikíbi, mo kọ́kọ́ wo nǹkan mẹ́rin tí a kọ́ wa pé ká wò. Mo fi tẹmọ́míta sí i ní abíyá, kò sí ibà. Mo ní kó yanu, ìka mẹ́ta sì wọ àárín eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ dáadáa. Mo ní kó gbé itọ́ mì, kó sì mu omi, ó mì láìsí wàhálà. Mo wá tẹ abẹ́ ahọ́n rẹ̀ àti abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ibẹ̀ rọ̀, kò le bí pákó. Wíwú náà kò kọjá ojú ibi tí eyín wà, ó sì ń mì lábẹ́ ìka nígbà tí mo tẹ èrìgì ibẹ̀, gẹ́gẹ́ bí eéwo tó ti pọ́n. Gbogbo èyí sọ fún mi pé ọ̀ràn náà kò tíì kúrò lójú kan. Màá padà sórí nǹkan mẹ́rin yìí, torí àwọn gan-an ló ń sọ ìgbà tí kápúsù di dandan.

Ó di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn kan láàárín ìlú. A ò tíì débẹ̀ tán tí àǹtí mi fi pè lórí fóònù. "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ eyín yẹn o! Wọn kì í yọ eyín tó wú. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lo oògùn títí á fi wálẹ̀." Nígbà tí mo ní yíyọ ni yóò jẹ́ kó wálẹ̀, wọ́n fi òwe lé e: "Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́."

Òwe náà dára fún orí. Ní ti eyín tó ti kú, yíyọ gan-an ni oògùn rẹ̀, àfi bí a bá fẹ́ gbà á là nípa fífọ inú gbòǹgbò rẹ̀ mọ́ tónítóní, ká sì dí i pa. Ọ̀nà méjèèjì yìí ń ṣe iṣẹ́ kan náà: wọ́n ń kó ilé kòkòrò kúrò. Ẹ̀kẹta ni pé ká fi abẹ ṣí ojú eéwo náà lẹ́nu, kí ọyún dà jáde, èyí tó máa ń mú ara fúyẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò ní kí eyín náà má wú mọ́ bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo mọ ibi tí àǹtí mi ti gbọ́ ti pé wọn kì í yọ eyín tó wú. Gbogbo ilé ni wọ́n ti ń sọ ọ́, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ ìlera pàápàá. Òótọ́ díẹ̀ wà ní ìdí rẹ̀. Ojú ibi tó ní ọyún máa ń kan bí ọsàn wẹ́wẹ́, abẹ́rẹ́ tí ń mú ojú ibẹ̀ kú kì í sì í fẹ́ ṣiṣẹ́ dáadáa nínú ẹran ara tó kan. Ẹni tí wọ́n bá gún lábẹ́rẹ́ sínú wíwú yẹn gan-an, tí wọ́n sì fa eyín rẹ̀, á ké, á sì lọ ròyìn fún gbogbo àdúgbò. Ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí a gún un síbẹ̀. Ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìsàlẹ̀, a lè gún abẹ́rẹ́ náà sẹ́yìn pátápátá, níbi tí iṣan ìmọ̀lára ti ń wọ inú egungun, ọ̀nà jíjìn sí ibi tó wú. Bí a ṣe ń pa iná láti ìdí mítà dípò ká máa wá gílóòbù kiri nìyẹn. Ìdajì ètè àti àgbọ̀n á kú láti ibẹ̀ títí dé iwájú. Ohun tí dókítà obìnrin tó gbà wá ṣe nìyẹn.

Kó tó gún un, ó kọ́kọ́ ya fọ́tò eyín náà, ó sì pè mí kí n wá wò ó. Òjìji dúdú kan wà ní ìdí gbòǹgbò, tó tóbi tó hóró ẹ̀wà: ibi tí egungun ti jẹ lọ nìyẹn. Eyín náà fúnra rẹ̀ ti fọ́ wọ abẹ́ èrìgì. Dókítà ní bí ìyókù rẹ̀ bá lágbára ni, òun ìbá gbà á nímọ̀ràn pé kó jẹ́ kí wọ́n fọ gbòǹgbò rẹ̀, kí wọ́n sì dé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó rẹ̀ pọ̀, á sì gbà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kó wá. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ dé lé lórí mọ́. Yíyọ ló kù.

Ó dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ó fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tẹ èrìgì ibẹ̀ wò, ó sì bi àbúrò mi bóyá ó dùn ún. Ó ní òun mọ̀ pé wọ́n ń tẹ òun, kò kàn dun òun. (Ó yẹ kí gbogbo wa mọ ìyàtọ̀ yìí: abẹ́rẹ́ náà kì í mú kí a má mọ títẹ̀ lára, ìrora nìkan ló ń mú lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pariwo ní ibi tí ó yẹ kí wọ́n dákẹ́, tí wọ́n á sì dákẹ́ ní ibi tó yẹ kí wọ́n pariwo.) Ó fi ẹ̀mú mú eyín náà, ó mì ín síwá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ó sì jáde. Ọyún tẹ̀lé e. Òórùn rẹ̀ kún yàrá náà. Dókítà fọ kòtò eyín náà, ó ní kó bu gọ́ọ̀sì jẹ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó sì kọ oògùn fún un: ibuprófẹ̀ẹ̀nì 400 milígírámù lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, pẹ̀lú parasitamọ́ọ̀lù 1000 milígírámù, ìyẹn kóró méjì. Ó kọ́kọ́ bi í bóyá ó ní ọgbẹ́ inú, ikọ́ fée, tàbí bóyá ó lóyún, torí ibuprófẹ̀ẹ̀nì kò dára fún irú wọn. Ó parí. Kò kọ kápúsù kankan.

"Dókítà, oògùn dà?" Àǹtí mi ló tún wà lórí fóònù.

"Ìyá, oògùn náà ló wà nínú àwo yìí," dókítà dáhùn, ó sì mi àwo tí eyín náà wà nínú rẹ̀. Mo rò pé wọ́n gbọ́ bó ṣe dún.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ lè rò pé dókítà yẹn ń ṣe láìbìkítà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2019, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn eyín ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé ìlànà kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ohun tó sọ ni pé fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ lágbára láti gbógun ti àrùn, bí a bá lè tọ́jú eyín náà lójú ẹsẹ̀, kí a má fún un ní oògùn apakòkòrò, ìbáà jẹ́ eyín tó ń dun ènìyàn lóru tàbí èyí tó ti wú sójú kan. Ní ti èyí tó ń dun ènìyàn lóru, tí ẹran inú rẹ̀ kò tíì kú, ìwádìí kan wà tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2000. Ogójì ènìyàn ni. Wọ́n fún apá kan ní pẹnisílíìnì fún ọjọ́ méje, wọ́n fún apá kejì ní kápúsù tí kò ní oògùn nínú, láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ èyí tó gbà. Ìrora àwọn tó gba oògùn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn tí kò gbà. Ogójì kéré, mo gbà. Ṣùgbọ́n ó bá ohun tí mo ti ṣàlàyé nípa inú eyín mu: ibi tí ìrora wà kì í ṣe ibi tí oògùn ń lọ.

Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ti kàwé jáde, tí wọ́n wà ní ìlú ọba, á rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2020. Nígbà tí kòrónà dé, wọ́n ti àwọn ilé ìtọ́jú eyín pa ní England. Kò sí ẹni tó lè yọ eyín, orí fóònù ni wọ́n ti ń dá àwọn ènìyàn lóhùn. Oògùn apakòkòrò tí àwọn oníṣègùn eyín ń kọ sì lọ sókè ní oṣù wọ̀nyẹn, nígbà tí iye iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe já wálẹ̀. Ìyẹn ni mo fi ń sọ pé nínú ọ̀ràn eyín, kápúsù ni ohun tí à ń fún ènìyàn nígbà tí a kò bá lè fún un ní ìtọ́jú. Ní ìlú ọba, oṣù díẹ̀ ni wọ́n fi gbé bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, bí a ṣe ń gbé látọjọ́ tó ti pẹ́ nìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àbúrò mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sípò. Ó jẹ láfún àti ewédú láìfi eyín kàn án, inú àǹtí mi sì dùn. Ọ̀rọ̀ ìbá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, ó pè mí: "Bọ̀ọ̀dá mi, ó tún ti bẹ̀rẹ̀. Ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ń ta mí dé etí." Ní ẹ̀yìn rẹ̀, mo ń gbọ́ ohùn àǹtí mi: "Mo sọ bẹ́ẹ̀! Ó yẹ kó gba kápúsù!"

Mo lọ bá wọn. Kò sí ibà, kò sí wíwú, ó yanu dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ń rùn, nígbà tí mo sì tan tọ́ọ̀ṣì sínú kòtò eyín náà, mo rí egungun rẹ̀ bó ṣe ṣófo, ó funfun bí ìkarahun ẹyin. Kò sí ẹ̀jẹ̀ dídì níbẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ tó máa ń dì sínú kòtò lẹ́yìn tí a bá yọ eyín kì í ṣe ìdọ̀tí. Òun ni èépá ojú egbò náà. Abẹ́ rẹ̀ ni ẹran tuntun ti máa hù. Bó bá ṣí kúrò kó tó tó àsìkò, egungun á wà ní ìhòòhò, afẹ́fẹ́ àti itọ́ á máa fẹ́ sí i, ìrora rẹ̀ sì máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ kejì sí ọjọ́ kẹrin. Sìgá mímu máa ń fà á, bẹ́ẹ̀ náà ni fífi agbára yọ omi lẹ́nu ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo bi í léèrè. Alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n yọ ọ́ gan-an ni wọ́n ti gbé omi gbígbóná oníyọ̀ fún un, ó sì yọ ọ́ lẹ́nu tagbáratagbára lẹ́ẹ̀mẹ́rin kó tó sùn, kí "ìdọ̀tí" lè jáde. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Omi oníyọ̀ dára, ṣùgbọ́n ó di lẹ́yìn wákàtí mẹ́rìnlélógún, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kó jẹ́, kó sì jẹ́ pé ṣe ni yóò fi orí dà á síhìn-ín sọ́hùn-ún, tí yóò sì jẹ́ kó dà jáde fúnra rẹ̀ láìtu ú.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí wọ́n bá dé ibi tí àbúrò mi dé yìí, á sọ pé ojú eyín náà ti kẹ̀, wọ́n á sì ra Ampikilọ́ọ̀sì. Àmọ́ kì í ṣe kíkẹ̀. Kò sí ọyún níbẹ̀, kò sí ibà, kò sí ogun kankan tí oògùn apakòkòrò fẹ́ jà. Egungun tí kò láṣọ ni. Nígbà tí a padà lọ, dókítà fi omi oníyọ̀ tí wọ́n pèsè ní ilé ìwòsàn fọ kòtò náà, ó ki òwú tí a rẹ sínú oògùn tó ń run bí kànáfùrù sí i. Ká tó jáde ní ọgbà ilé ìwòsàn, ìrora náà ti dín kù dé ibi tó fi béèrè oúnjẹ. Ó padà lọ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Ìyẹn náà ló parí rẹ̀.

Bí ojú eyín bá kẹ̀ lóòótọ́ lẹ́yìn yíyọ, ọ̀nà mìíràn ló ń gbà hàn. Wíwú díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ eyín jẹ́ ohun tí a retí, ọjọ́ kejì tàbí ẹ̀kẹta ló máa ń pọ̀ jù, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Èyí tó bá ń pọ̀ sí i lẹ́yìn ọjọ́ kẹta, tí ọyún ń ti ibẹ̀ jáde, tí ibà wà níbẹ̀ tàbí tí ẹnu kò ṣí dáadáa mọ́, ẹ padà sí ọ̀dọ̀ ẹni tó yọ ọ́ lọ́jọ́ náà.

Ó wá yẹ kí n padà sí nǹkan mẹ́rin tí mo wò lára àbúrò mi lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo ń sọ pé oògùn apakòkòrò kò wúlò fún eyín rárá. Bí ibà bá wà, tí ara gbóná kọjá 38 lórí tẹmọ́míta, kòkòrò náà ti bọ́ sí ojú ọ̀nà. Bí ẹnu kò bá gba ìka méjì mọ́, wíwú náà ti dé ibi iṣan tí a fi ń jẹun. Bí itọ́ bá ń dà lẹ́nu nítorí pé kò ṣeé gbé mì, tí ohùn sì yí padà bí ti ẹni tó ki ọ̀dùnkún gbígbóná sẹ́nu, ọ̀ràn ti kúrò ní ti eyín. Èyí tó sì burú jù ni kí abẹ́ àgbọ̀n le gbagidi lọ́tùn-ún lósì, kí ahọ́n gbéra sókè nínú ẹnu. Oníṣègùn ará Jámánì kan, Wilhelm Friedrich von Ludwig, ló ṣàpèjúwe ẹ̀yí ní 1836, orúkọ rẹ̀ sì ni wọ́n fi ń pe àrùn náà títí dòní. Kí oògùn apakòkòrò tó dé ayé, ó ju ìdajì lọ nínú àwọn tó ní in tó ń kú. Kì í ṣe ọyún ló ń pa wọ́n, àìrí èémí ni: wíwú náà ń dí ọ̀nà ọ̀fun pa.

Ẹni tó bá ní èyíkéyìí nínú wọ̀nyí, oògùn apakòkòrò di dandan fún un, bó bá sì ti jẹ́ ti abẹ́ ahọ́n tàbí ti gbígbé nǹkan mì, inú iṣan lábẹ́rẹ́ ló yẹ kó gbà á, ní ilé ìwòsàn ńlá bí FMC ní Ìdí-Àbà, lóru ọjọ́ náà, kì í ṣe ìdájí ọ̀la. Síbẹ̀, ẹ ṣàkíyèsí pé níbẹ̀ náà, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rí i pé ó ń mí, wọ́n á ṣì la ibi tó wú kí ọyún lè dà, wọ́n á sì yọ eyín tó fà á. Kápúsù kò dá iṣẹ́ ṣe níbì kankan.

Àwọn kan tún wà tí a kì í retí ibà wọn ká tó fún wọn: ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà rẹ̀ kò sí níkàáwọ́, ẹni tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ, ẹni tí oògùn tó ń lò ń dá agbára ara rẹ̀ dúró. Ẹni tí wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀yà kan nínú ọkàn rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà eyín kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, torí ó máa ń gba oògùn kí wọ́n tó yọ eyín, ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan ṣáájú.

Ìbéèrè tó kù ni èyí tí àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Alábàtà máa ń bi mí: bó bá jẹ́ alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ńkọ́, tí kò sí dókítà eyín títí di ọjọ́ Ajé? Ìlànà 2019 yẹn náà fàyè gbà á. Bí eyín bá ti wú, tí ìtọ́jú kò sì sí nítòsí, wọ́n ní a lè fún un ní amọksisílíìnì 500 milígírámù, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, fún ọjọ́ mẹ́ta sí méje, kí a sì tún un wò lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Afárá ni. Ẹni tí pẹnisílíìnì kì í bá lára mu kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án, oògùn mìíràn wà fún un. Ẹ̀dùn ọkàn mi ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́lé sórí afárá. Wíwú á lọ ní ọjọ́ Àìkú, kò sì sẹ́ni tó máa ń rántí ọjọ́ Ajé mọ́.

Mi ò sì ní di gbogbo ẹ̀bi ru ìyá oníkẹ́míìsì tó wà ní kọ̀rọ̀. Ohun tí oníbàárà béèrè ló ń tà. Àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ yìí náà mọ bó ṣe máa ń rí ní kílíníìkì: aláìsàn tí a yọ eyín rẹ̀, tí a kò sì kọ kápúsù fún, á wo ìwé náà níwájú lẹ́yìn, á ní a kò tọ́jú òun. Ó rọrùn láti kọ ọ́ kó lè máa lọ. Mo ti rí i tí wọ́n kọ ọ́, èmi náà ti bá wọn jókòó níbẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ìwádìí lórí yíyọ eyín tó máa ń yọ kẹ́yìn fi hàn pé nǹkan bí ènìyàn mọ́kàndínlógún ló gbọ́dọ̀ gba oògùn apakòkòrò kí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn tó bọ́ lọ́wọ́ kíkẹ̀. Àwọn méjìdínlógún yòókù, inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru nìkan ni wọ́n lè rí níbẹ̀, pẹ̀lú kòkòrò tó ti kọ́ bí a ṣe ń sá fún oògùn náà, tí yóò dúró dè wọ́n di ọjọ́ tí wọ́n nílò rẹ̀ lóòótọ́.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ padà sí Ìbàdàn, mo yà kí wọn nílé. Àbúrò mi jókòó, ó ń fi eyín apá ọ̀tún jẹ gúgúrú. Ó ti ṣírò rẹ̀ sórí fóònù: owó kápúsù ẹ̀ẹ̀mẹ́rin àti owó ọkọ̀ tó fi ń lọ rà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tí wọ́n gbà láti yọ eyín náà. Àǹtí mi gbọ́ ọ, wọn ò sọ nǹkan kan. Nígbà tí mo dìde, wọ́n gbé páálí Ampikilọ́ọ̀sì tó kù láti inú dúrọ́ọ̀, wọ́n nà án sí mi.

"Ṣé kí n tọ́jú èyí de eyín tèmi? Ó ti ń ta mí láti àná."

Mo ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n yanu.